Ọpọ́n Ayò Lẹ́nu Ìṣirò
Ẹ bi ọmọ tó fi orin kọ́ ìsọdipúpọ̀ pé mélòó ni 4 lọ́nà 7. Láti 4 lọ́nà 1 ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ orin; bó bá ṣì í lágbede méjì, ó parí.

Ẹ gbé ọpọ́n ayò fún un. Ojúlé mẹ́fà ló wà lápá kan, ọmọ ayò mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: 24. Ẹ fi ojúlé kan ti òdìkejì kún un, ó di 28. Gbogbo ojúlé méjìlá jẹ́ 48. Ẹ wá fọwọ́ bo ojúlé méjì, kí ó sọ iye tó kù. Bó bá ń ka ọmọ ayò níkọ̀ọ̀kan, kò tíì yé e. Bó bá yọ 8 kúrò nínú 48, ẹ lè fi mẹ́ta-mẹ́ta sínú ojúlé lọ́la.