Ẹ Má Pa "Ó" Yẹn Rẹ́

Obìnrin kan tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù, tó ń kọ́ Yorùbá lọ́dọ̀ mi, ń wá iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ rédíò kan. Ó kọ ọ́ sínú lẹ́tà ìwáṣẹ́ rẹ̀ pé: "Èmi àti alábàáṣiṣẹ́ mi kan ni ó ń ka ìròyìn àárọ̀ láti ọdún 2019 sí 2022." Ẹnì kan ní kí ó pa "ó" rẹ́, kí ó fi "a" sí i. Ohun tí mo kọ sí i nìyí:

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́. Gbólóhùn yín tọ̀nà. Ẹni tó tún un ṣe rò pé ẹnì kan ṣoṣo ni "ó" máa ń tọ́ka sí, bẹ́ẹ̀ èèyàn méjì lẹ dárúkọ. Ká ní ẹ kàn kọ "Ó ń ka ìròyìn" lásán ni, òun ló gba ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ẹ ti fi "ni" tẹnu mọ́ olùwà. Bí olùwà bá ti bọ́ síwájú "ni", àyè rẹ̀ níwájú ọ̀rọ̀ ìṣe kì í ṣófo. "Ó" ló sábà máa ń dí i, kì í sì í ka iye èèyàn. Ẹ gbọ́ bí a ṣe ń béèrè pé, "Àwọn wo ni ó wá lánàá?" Ta ló máa rò pé ẹnì kan péré ló wá? A tún ń sọ pé, "Ẹ̀yin ni ó pè mí," "Àwọn ọmọ yẹn ni ó jẹ ẹ́." "Ló" tó kún ẹnu wa lójoojúmọ́, "ni ó" náà ni, nínú lẹ́tà ìwáṣẹ́, mo fara mọ́ kíkọ ọ́ ní gígùn bí ẹ ṣe kọ ọ́.

"Ni a ń ka ìròyìn" náà tọ̀nà o. Àtúnṣe yẹn kò ba nǹkan jẹ́, kò sì tún nǹkan kan ṣe.

Ibi tí ẹsẹ̀ ti lè yẹ̀ ni gbólóhùn tó tẹ̀ lé e: "A tún ń túmọ̀ ìkéde." Ẹ má fọwọ́ kàn án. Kò sí "ni" níbẹ̀, nítorí náà bí ẹ bá kọ "Ó tún ń túmọ̀ ìkéde," ẹni tó ń kà á á máa wá ẹnì kan ṣoṣo tó ṣe iṣẹ́ náà. Bákan náà, bó bá jẹ́ ìròyìn gan-an lẹ fẹ́ tẹnu mọ́, "Ìròyìn ni a ń kà" lẹ máa kọ. Àbọ̀ ló bọ́ síwájú níbẹ̀. Olùwà ṣì jókòó sáyè rẹ̀. Bí ẹ bá kọ "Ìròyìn ni ó ń kà," ẹ ti gbé iṣẹ́ yín fún ẹlòmíràn nìyẹn.

Ẹni tó ti ka ìròyìn rí ni wọ́n ní àwọn ń wá, ìdí nìyí tí ìtẹnumọ́ fi yẹ gbólóhùn yìí. Ẹ má fi sí gbogbo ìlà, nítorí "èmi ni ó" láti òkè lẹ́tà dé ìsàlẹ̀ a máa dún bí ìyangàn. Ẹ fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ bó ṣe wà.