Ẹ̀rí Oníbàárà Lórí Ìkànnì Yín: Ohun Tí Ẹ Lè Gbé Síbẹ̀ àti Èyí Tí Ẹ Kò Gbọdọ̀ Gbé Síbẹ̀

Ẹ̀yin ọlọ́jà kéékèèké tí ẹ ní ìkànnì tí ẹ fi ń tajà la kọ ìwé yìí fún. Ẹjọ́ kan náà ló ń dé káńtà tí a ti ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà ṣáá. Oníbàárà á ka ẹ̀rí dídùn lórí ìkànnì, á sanwó, ọjà tó bá gbà kò ní jọ ohun tó kà. Bí a bá wá ní kí ọlọ́jà mú ọ̀kan nínú àwọn tó jẹ́rìí náà wá, kò ní rí ẹnì kankan mú wá, torí pé ńṣe ló ra àwọn ẹ̀rí náà.

Ẹ má ra ẹ̀rí

Àwọn kan ń pe ọlọ́jà lórí fóònù, tàbí kí wọ́n kọ̀wé sí i lórí WhatsApp, pé bó bá sanwó, àwọn á bá a kó ẹ̀rí oníràwọ̀ márùn-ún rẹpẹtẹ jọ. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ẹni tí kò ra ọjà yín rí kò lè jẹ́rìí sí i. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018, tí àjọ FCCPC ń mójú tó, kò gba ọlọ́jà láyè láti sọ ohun tí kì í ṣe òótọ́ tàbí ohun tó lè ṣi oníbàárà lọ́nà. Bí ẹ bá ti gbé ẹ̀rí kan sórí ìkànnì yín, ó ti di ọ̀rọ̀ ẹnu yín, orúkọ ẹni yòówù tó lè wà lábẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹjọ́ bá dé, ẹ̀yin la máa pè. Ẹni tó tà á fún yín á ti pa fóònù rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ló máa ń sọ fún wa pé àwọn kò ra ẹ̀rí, ẹ̀dínwó 500 náírà lásán làwọn fún ẹni tó bá fi ìràwọ̀ márùn-ún sílẹ̀. Rírà náà nìyẹn. Bí ẹ̀bùn bá so mọ́ ọ̀rọ̀ dídùn, owó ti ra ọ̀rọ̀ náà. Bó bá jẹ́ pé gbogbo ẹni tó bá fèsì lẹ ń fún lẹ́bùn, ì báà yìn yín, ì báà bú yín, ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rí náà pé ẹni yìí gba ẹ̀bùn, kí ẹni tó ń kà á lè mọ̀. Òfin Google fún ẹ̀rí tó wà lọ́dọ̀ wọn le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò fàyè gba ẹ̀bùn kankan nítorí ẹ̀rí, wọn a sì máa pa irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ rẹ́ bí wọ́n bá rí i.

Bákan náà ni ti àwọn ará ilé. Àbúrò yín, ọkọ yín, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ yín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kọ̀wé bí ẹni pé oníbàárà tó kàn ń kọjá lọ ni wọ́n. 

Kò ṣòro fún wa láti dá ẹ̀rí tí wọ́n rà mọ̀. Ọjọ́ kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń wọlé. Ọ̀rọ̀ wọn máa ń jọra, "ọjà tó dára, iṣẹ́ tó yá", láìdárúkọ ohun tí ẹni náà rà. Oníbàárà gidi máa ń sọ ohun kan pàtó: pé ìdérí ìgò náà ń jò díẹ̀, pé ẹni tó gbé ọjà wá kò tètè dé, ṣùgbọ́n pé òun á tún rà á.

Gbogbo ẹni tó rà á ni kí ẹ bi léèrè

Ẹ má ṣe ṣà àwọn tí inú wọn dùn nìkan. Ká ní ìyá kan ń ta ọṣẹ dúdú. Ó ta á fún ènìyàn 60 lóṣù kan, ó sì bi gbogbo wọn léèrè. Kò bi wọ́n lọ́jọ́ tí ọṣẹ dé ọwọ́ wọn, torí wọn kò tíì lò ó. Ó dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ènìyàn 23 fèsì: 14 fún un ní ìràwọ̀ 5, 5 fún un ní 4, 2 fún un ní 3, 2 fún un ní 1. Àpapọ̀ ìràwọ̀ náà jẹ́ 98. Bí a bá pín in sí ọ̀nà 23, ó jẹ́ 4.3.

Bó bá fi àwọn mẹ́rin tí inú wọn kò dùn tó pa mọ́, yóò di 90 tí a pín sí ọ̀nà 19, ìyẹn 4.7. Èyí tó wuni lójú nìyẹn, ṣùgbọ́n irọ́ ni. Ohun tí ó yẹ kó kọ ni "4.3 nínú 5, láti ẹnu oníbàárà 23", pẹ̀lú oṣù àti ọdún. Àwọn méjì tó fún un ní ìràwọ̀ kan sọ pé ọṣẹ náà ti rọ̀ kó tó dé. Kí ó fi ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ níbẹ̀, kí ó sì kọ èsì sábẹ́ rẹ̀ pé ọ̀rá ni òun fi ń dì í tẹ́lẹ̀, pé inú ike oníderí ló ń wà báyìí, bó bá jẹ́ pé ó ti yí i padà lóòótọ́. Ẹni tó bá fẹ́ rà á yóò rí i pé ẹni tó ń gbọ́ràn ló ń bá dòwò.

Ẹ̀rí kan wà tí ẹ kò gbọdọ̀ gbé jáde bó tilẹ̀ jẹ́ pé oníbàárà gidi ló kọ ọ́: èyí tó bá ní ọṣẹ yín wo èélá tàbí làpálàpá sàn. Ọṣẹ kì í ṣe oògùn, ẹ kò sì lè gba ẹnu oníbàárà polówó ohun tí ẹ̀yin fúnra yín kò gbọdọ̀ sọ.

Àwòrán ọ̀rọ̀ WhatsApp

Ẹ má ya àwòrán ohun tí oníbàárà kọ sí yín lórí WhatsApp kí ẹ gbé e sórí ìkànnì láìgba àyè. Ẹ̀yin ló bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe gbogbo ayé. Ẹ wo àwòrán náà dáadáa: nọ́ńbà fóònù wà lókè, fọ́tò ẹni náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nígbà mìíràn àdírẹ́sì ilé wà nísàlẹ̀. Òfin ààbò dátà ti ọdún 2023 fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ lórí ohun wọ̀nyí. Ẹ lè kọ̀wé sí wọn báyìí:

"Ẹ kú àtìlẹyìn o. Ṣé a lè gbé ohun tí ẹ kọ yìí sórí ìkànnì wa? Ṣé kí a kọ orúkọ yín ni àbí lẹ́tà àkọ́kọ́ nìkan? Ìgbàkígbà tí ẹ bá ní kí a yọ ọ́, a máa yọ ọ́."

Ẹ tọ́jú ìdáhùn wọn. Bí wọn kò bá dáhùn, wọn kò tíì gbà nìyẹn. Bí ẹ bá gé ọ̀rọ̀ wọn kúrú, ẹ kọ́kọ́ fi èyí tí ẹ gé hàn wọ́n.

Nọ́ńbà CAC àti ti NAFDAC

Nọ́ńbà CAC ń sọ pé orúkọ òwò yín wà nínú ìwé ìjọba. Kò sọ pé ọjà yín dára, nítorí náà ẹ má kọ "CAC fọwọ́ sí ọjà wa". Nọ́ńbà NAFDAC jẹ́ ti ọjà kan ṣoṣo tí wọ́n fún un, kì í ṣe ti gbogbo ohun tó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọjà náà nìkan. Àwọn tó ń ta àmì "Ojúlówó" fún yín láti lẹ̀ mọ́ ìkànnì kì í ṣe òṣìṣẹ́ wa, ẹ má fún wọn lówó.

Bí ẹ̀rí tí ẹ rà bá wà lórí ìkànnì yín lónìí, ẹ yọ ọ́ kúrò kí oníbàárà tó mú un wá bá wa.