Ṣé ká gbé tẹlifíṣọ̀n kọ́ ògiri ni àbí ká fi sílẹ̀ lórí tábìlì? Ohun tó yẹ kí ẹ wọ̀n kí ẹ tó lu ihò

Ní ọjọ́ tí tẹlifíṣọ̀n tuntun bá wọlé, kì í pẹ́ tí ẹnì kan yóò fi nawọ́ sí òkè ògiri pé ibẹ̀ ni kó wà. Oníṣẹ́ á gun àkàbà, á lu ihò mẹ́rin, á de háńgà mọ́ ọn, á gbé tẹlifíṣọ̀n sí i, gbogbo ilé á pàtẹ́wọ́. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ìyá àgbà tó jókòó láti wo ìròyìn á bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ ra ọrùn.

Nǹkan méjì ló sábà máa ń bá iṣẹ́ yìí jẹ́. Àkọ́kọ́ ni gíga tí wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n sí, èkejì sì ni ohun tó wà nínú ògiri náà gan-an. Àwọn méjì yìí ló yẹ kí wọ́n sọ irú háńgà tí ẹ máa rà, tàbí bóyá ẹ kò tilẹ̀ nílò háńgà.

Ẹ fojú inú wo ìdílé kan tó háyà ilé oníyàrá méjì ní Kúbúwà, ní Àbújá. Tẹlifíṣọ̀n ínṣì 55 ni wọ́n rà. Ọmọ ọdún méjì kan wà nílé tó ń fọwọ́ kan gbogbo nǹkan. Baálé ilé fẹ́ kó wà lókè ògiri, lórí háńgà tó ní apá, kí wọ́n lè yí i sí ìhà ibi tí wọ́n ti ń jẹun. Ìyàwó rẹ̀ ní tábìlì tó wà nílẹ̀ ti tó.

Ojú ẹni tó jókòó ni ìwọ̀n

Ohun tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe kò ju téèpù kan lọ. Kí ẹnì kan jókòó sórí àga bó ṣe máa ń jókòó lójoojúmọ́, kó fẹ̀yìn tì, kí tìmùtìmù sì rì bó ṣe máa ń rì. Kí ẹlòmíràn wá wọn gíga láti ilẹ̀ títí dé ojú rẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ àga ìgbàlejò, ìwọ̀n yìí máa ń bọ́ sí àárín sẹ̀ǹtímítà 100 sí 115. Ẹ jẹ́ ká mú 108 fún ilé Kúbúwà yìí.

Gíga yẹn ló yẹ kí àárín tẹlifíṣọ̀n wà, tàbí kó lọ sílẹ̀ díẹ̀. Ojú èèyàn máa ń sinmi nígbà tó bá ń wo iwájú tàbí ìsàlẹ̀ díẹ̀. Wíwo òkè ló máa ń jẹ́ kí ọrùn tẹ̀ sẹ́yìn, tí iṣan ẹ̀yìn ọrùn á sì máa ṣiṣẹ́ láìsinmi.

Tẹlifíṣọ̀n ínṣì 55 ga tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 70, nítorí pé láti igun kan sí igun kejì ni wọ́n ti ń wọn ínṣì 55 náà. Bí àárín rẹ̀ bá wà ní 108, etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ á wà ní 73, ti òkè á sì wà ní 143. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá rí àmì yìí lára ògiri ló máa ń sọ pé ó ti kéré jù. Ó rí bẹ́ẹ̀ lójú wọn nítorí pé wọ́n wà lórí ìdúró nígbà tí wọ́n ń sàmì sí i. Kí wọ́n jókòó kí wọ́n tó dájọ́.

Ibi tí wọ́n sábà máa ń gbé e sí ńkọ́? Bí àárín bá wà ní 170, ó ti fi sẹ̀ǹtímítà 62 ga ju ojú ẹni tó jókòó lọ. Ìyẹn kò burú ní ilé onírun tàbí ilé ìwòran bọ́ọ̀lù, níbi tí àwọn kan ti wà lórí ìdúró, tí ẹni tó wà lẹ́yìn sì ní láti ríran kọjá orí ẹni iwájú. Ó jọ pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti kọ́ àṣà náà wá sí pálọ̀. Iyàrá tí wọ́n ti ń dùbúlẹ̀ wò ó tún yàtọ̀, torí pé ojú ẹni tó bá fẹ̀yìn lélẹ̀ ti kọjú sókè tẹ́lẹ̀.

Àṣìṣe kan tún wà níbi tí ẹni tó wọ̀n ọ́n dáadáa pàápàá ti máa ń ṣìnà. Ihò mẹ́rin tí bọ́ọ̀tì ń gbà wọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n kì í sábà wà ní àárín gangan. Lára èyí tí a mú ṣe àpẹẹrẹ yìí, ká ní àárín ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi sẹ̀ǹtímítà 25 ga ju etí ìsàlẹ̀ lọ, nígbà tí àárín tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀ jẹ́ 35. Bí oníṣẹ́ bá gbé àárín háńgà sí 108, tẹlifíṣọ̀n á gòkè ní sẹ̀ǹtímítà 10 ju bó ṣe yẹ lọ. Ibi tó yẹ kí háńgà wà ni 98. Kí ẹ dojú tẹlifíṣọ̀n dé sórí ibùsùn, kí ẹ wọn ẹ̀yìn rẹ̀ kí dírìlì tó dún.

Háńgà mẹ́ta, ẹrù kan náà

Irú mẹ́ta ló wọ́pọ̀ lọ́jà. Èkíní lẹ̀ mọ́ ògiri pátápátá, kò ní ìyípadà kankan. Ó rọrùn lówó, ó sì lágbára jù, àmọ́ ọwọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè dé ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n láti ki wáyà bọ̀ ọ́. Èkejì máa ń jẹ́ kí ojú tẹlifíṣọ̀n tẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, nǹkan bíi díígírì 10 sí 15. Ẹni tí kò rí ibòmíràn gbé e sí ju òkè lọ ni èyí wúlò fún, torí pé ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n máa ń ṣá láwọ̀ bí a bá ń wò ó láti ìsàlẹ̀. Ó máa ń tún àwọ̀ ṣe. Kò ní kí ọrùn má tẹ̀ sẹ́yìn.

Ẹ̀kẹta ni èyí tó ní apá, tí wọ́n lè fà jáde kí wọ́n sì yí sọ́tùn-ún sósì. Òun ni baálé ilé Kúbúwà fẹ́, òun náà ló sì ń ni ògiri lára jù.

Tẹlifíṣọ̀n ínṣì 55 sábà máa ń wọ̀n tó kílò 15. Lórí háńgà pẹlẹbẹ, kò jìnnà sí ògiri ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 lọ. Bí àlàfo àárín bọ́ọ̀tì òkè àti ti ìsàlẹ̀ bá jẹ́ 20, agbára tó ń fa bọ́ọ̀tì òkè jáde kúrò nínú ògiri kò tó kílò 4. Ẹ wá fa apá háńgà jáde dé sẹ̀ǹtímítà 40. Ẹ sọ 15 di ìlọ́po 40, kí ẹ pín in sí 20, kílò 30 ni. Tẹlifíṣọ̀n kan náà ni, ó kàn ti fi ìlọ́po mẹ́jọ fa ògiri ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, láìtíì ka ọmọ tó bá so mọ́ ọn.

Èyíkéyìí tí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ wo ohun tí wọ́n tẹ̀ sára páálí rẹ̀. Nọ́ńbà tó bá tẹ̀ lé VESA, bíi 200x200 tàbí 400x200, ni àlàfo àárín ihò ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n ní mìlímítà, ó sì gbọ́dọ̀ bá tiyín mu. Bọ́ọ̀tì tó gùn jù lè wọ inú tẹlifíṣọ̀n lọ kó sì ba nǹkan jẹ́. Bó bá ti ń le kó tó wọlé tán, ẹ má fipá yí i.

Ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀dà

Búlọ́ọ̀kù oníhò ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ ilé láti Èkó dé Kánò, ó sì wọ́pọ̀ ní Akírà àti Kútọnú náà. Ti ínṣì mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń fi pín yàrá nínú ilé. Bí a bá rẹ́ ògiri, sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ nìpọn tó sẹ̀ǹtímítà kan tàbí méjì, kò sì lè gbé ẹrù. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ojú búlọ́ọ̀kù tó nìpọn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta, lẹ́yìn ìyẹn sì ni ihò òfìfo.

Dírìlì fúnra rẹ̀ máa ń sọ ohun tó bá pàdé. Bó bá ń le títí dé sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà, ibi tó ṣù ló wà. Bó bá dédé wọlé gbọ̀lọ̀, ó ti já sí òfìfo, fíṣà ọlọ́rá lásán kò sì ní rí ohun tó máa fẹ̀ mọ́ níbẹ̀. Àmì kejì ni bọ́ọ̀tì tó ń yí lófo tí kò le rárá. Àwọn oníṣẹ́ kan máa ń ki igi ìṣáná bọ inú ihò bẹ́ẹ̀ kó lè há. Á há lóòótọ́, títí ìṣáná á fi gbẹ tó sì sún kì.

Ohun tó yẹ ni kí wọ́n sún háńgà sí ibi tí òpó kọnkéré wà. Bí kò bá ṣeé ṣe, kí wọ́n lo bọ́ọ̀tì tó ní ìyẹ́ tó máa ń ṣí nínú òfìfo, kó di ojú búlọ́ọ̀kù mú láti ẹ̀yìn. Fún háńgà tó ní apá, èyí tó dájú jù lórí ògiri ínṣì mẹ́fà ni bọ́ọ̀tì gígùn tó gba inú ògiri jáde sódì kejì, tí wọ́n fi irin pẹlẹbẹ àti nọ́ọ̀tì dè níbẹ̀. Pákó oge tí àwọn èèyàn ń lẹ̀ mọ́ ògiri báyìí kò lè gbé tẹlifíṣọ̀n. Bọ́ọ̀tì ní láti là á kọjá wọ ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ògiri amọ̀ tàbí èyí tí omi ń rin ńkọ́? Kí wọ́n fi sílẹ̀.

Ẹ má sì lu ihò sí òkè tàbí ìsàlẹ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì gbọọrọ. Ọ̀nà ibẹ̀ ni páìpù wáyà iná sábà máa ń gbà.

Tábìlì náà ní òfin tirẹ̀

Nílé Kúbúwà, ògiri tó kọjú sí àga jẹ́ ti ínṣì mẹ́fà, òdì kejì rẹ̀ sì ni yàrá aládùúgbò. Bọ́ọ̀tì tó máa jáde sódì kejì kò ṣeé ṣe. Onílé náà tún lè yọ owó ihò nínú owó tí wọ́n fi sílẹ̀ bí wọ́n bá ń kó lọ. Háńgà tó ní apá ti kúrò nínú ọ̀rọ̀ nìyẹn.

Tábìlì wọn ga ní sẹ̀ǹtímítà 55. Ẹsẹ̀ tẹlifíṣọ̀n gbé e sókè ní 7. Bí wọ́n bá fi ààbọ̀ gíga rẹ̀, ìyẹn 35, kún un, àárín rẹ̀ á wà ní 97. Ó fi 11 péré lọ sílẹ̀ ju ojú wọn lọ, èyí tó dára fún ọrùn. Ohun tí wọ́n ń wá lórí ògiri ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ewu tó kù ni ọmọ náà. Tẹlifíṣọ̀n òde òní fẹ́lẹ́, ó sì rọrùn láti fà ṣubú. Láti ọdún 2015 ni àjọ tó ń rí sí ààbò ọjà ní Amẹ́ríkà ti ń polongo pé kí àwọn òbí so tẹlifíṣọ̀n àti kọ́bọ́ọ̀dù mọ́ ògiri. Okùn pẹlẹbẹ méjì tó lágbára ló tó fún iṣẹ́ náà. Orí kan á wọ ihò òkè lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, orí kejì á wọ ògiri, wọn ò sì ní jẹ́ kó dẹ̀. Ihò kékeré méjì ni, torí pé tábìlì ló ń gbé ẹrù, okùn kàn ń di tẹlifíṣọ̀n mú kó má ṣubú síwájú ni. Kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹsẹ̀ tẹlifíṣọ̀n wà lórí tábìlì tán, torí pé lára ọ̀pọ̀ ínṣì 55, ẹsẹ̀ méjèèjì jìnnà síra wọn tó mítà kan.

Rìmóòtù àti ohun ìṣeré ọmọ kò gbọdọ̀ wà lókè tábìlì náà, nítorí ohun tí ọmọ ọdún méjì bá rí níbẹ̀ ló máa gùn ún láti mú.