Ẹlẹ́rìí Kì í Ṣe Onígbọ̀wọ́: Bí A Ṣe Ń Kọ Fọ́ọ̀mù Ọjà Àwìn ní Ìlú Ọba

Láyé àwọn Òṣómàáló, àwọn Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń kiri aṣọ láti ìlú dé ìlú, kò sí fọ́ọ̀mù. Wọ́n á ta aṣọ láwìn, wọ́n á dá ọjọ́ owó. Bí ọjọ́ bá pé, oníṣòwò á wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, kò sì ní dìde títí owó á fi jáde. Ibẹ̀ ni orúkọ wọn ti wá.

Ọlọ́jà ńlá tó ń ta ìrẹsì, epo àti ẹja inú agolo ní páálí-páálí ní Lọ́ńdọ̀nù kò ráyè lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹnikẹ́ni. Kí ó tó gbé ọjà jáde ni ó ti ń ṣe ìwádìí tirẹ̀, fọ́ọ̀mù sì ni ó fi ń ṣe é. Ojú ewé méjì tàbí mẹ́ta ni. Ó máa ń béèrè orúkọ ilé iṣẹ́, nọ́ńbà tí ìjọba fi forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Companies House, nọ́ńbà owó orí ọjà, àti báńkì. Ìyẹn kò le, ṣe la ó wò ó kọ. Ibi mẹ́rin ni àwọn èèyàn wa ti ń ṣìṣe: iye ọjà tí a ó máa rà lóṣooṣù, gbèsè tó pọ̀ jù tí a fẹ́ jẹ, àwọn ẹlẹ́rìí méjì, àti ibi ìbuwọ́lùwé nísàlẹ̀.

Ká ní ìyá kan ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ilé wa ní Peckham. Ọjà £600 ni ó ń rà lọ́sẹ̀, owó ọwọ́ ni ó sì fi ń rà á. Ó fẹ́ máa gbà á láwìn báyìí. Níbi tí fọ́ọ̀mù ti ní kó kọ iye tí yóò máa rà lóṣooṣù, ọ̀pọ̀ èèyàn á sọ £600 di ìlọ́po mẹ́rin, wọ́n á kọ £2,400. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ 52 ló wà nínú ọdún. £600 lọ́nà 52 jẹ́ £31,200. Tí a bá pín in sí oṣù 12, £2,600 ni. Iye tó yẹ kó kọ nìyẹn, kó sì mú àwọn risíìtì rẹ̀ dání kó lè fi hàn bí wọ́n bá béèrè.

Àpótí tó tẹ̀ lé e ló ní wàhálà. Wọ́n á ní kó kọ gbèsè tó pọ̀ jù tó fẹ́ kí wọ́n fàyè gbà á láti jẹ. Ìyá wa á tún kọ £2,600, torí ó rò pé ọjà oṣù kan ni òun fẹ́ gbà láwìn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àdéhùn tí ọ̀pọ̀ wọn ń lò ni pé ọjà tí a bá rà nínú oṣù kan, ìparí oṣù tó tẹ̀ lé e la ó sanwó rẹ̀. Ọjà Oṣù Kẹwàá, ìparí Oṣù Kọkànlá ni owó rẹ̀ pé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó ti jẹ £2,400. Tó bá béèrè ọjà £600 míràn ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, gbèsè á di £3,000, kọ̀ǹpútà ọlọ́jà á sì kọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ kò jẹ gbèsè kankan tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. Kí ó tó san owó Oṣù Kẹwàá ní ìparí Oṣù Kọkànlá, ọjà ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni yóò wà lọ́rùn rẹ̀, £4,800. Kérésìmesì sì ń bọ̀. Tí ọjà ọ̀sẹ̀ rẹ̀ bá lọ sókè sí £900 ní Oṣù Kejìlá, ti oṣù yẹn nìkan á jẹ́ £3,600. Fi £2,400 ti Oṣù Kọkànlá kún un, ó di £6,000. Iye tó yẹ kó béèrè nìyẹn, kó sì fi gbólóhùn kan ṣàlàyé ìdí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà.

Kí ló dé tí kò fi kọ £20,000, bóyá wọ́n á fún un ní ìdajì? Ìdí ni pé ọlọ́jà ní ẹ̀rù kan tó ti pẹ́ lára rẹ̀. Irú jìbìtì kan wà tí wọ́n ti ń lù ní Ìlú Ọba tipẹ́tipẹ́, tí àwọn ìbejì Kray, àwọn ọ̀daràn Lọ́ńdọ̀nù ìgbà 1960, pàápàá lù. Wọ́n á ṣí ilé ìtajà, wọ́n á ra ọjà kékeré láwìn, wọ́n á sì tètè san án. Nígbà tí ọkàn ọlọ́jà bá ti balẹ̀, wọ́n á kó ọjà ńlá, wọ́n á tà á ní pọ́ọ́kú, wọ́n á sì bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Ṣọ́ọ̀bù tí kò tíì gbàwìn lọ́dọ̀ rẹ̀ rí tó ń béèrè ohun tó ju agbára rẹ̀ lọ, ìyẹn gan-an ni ó ń rán ọlọ́jà létí.

Jìbìtì yìí náà ló fà á tí wọ́n fi ń yẹ àwọn ẹlẹ́rìí wò fínnífínní. Ẹlẹ́rìí tí fọ́ọ̀mù ń béèrè ni ọlọ́jà míràn tó ti ń ta ọjà láwìn fún wa. Pásítọ̀ kọ́, onílé kọ́, oníbàárà wa náà kọ́. Ibi tí a ti ń fowó ọwọ́ rajà fún ọdún mẹ́wàá pàápàá kò wúlò, torí wọn kò fọkàn tán wa fún ọjọ́ kan rí. Ìbéèrè tí wọ́n á bi ẹlẹ́rìí kò pọ̀: ìgbà wo ló ti ń gbàwìn lọ́dọ̀ yín, èló ni ẹ fàyè gbà á, ṣé ó ń san án lásìkò? Ọlọ́jà tó gbọ́n kì í sì pe nọ́ńbà tí a kọ sínú fọ́ọ̀mù. Á wá nọ́ńbà ẹlẹ́rìí náà fúnra rẹ̀, kó má baà jẹ́ pé àbúrò wa ló gbé fóònù.

Ìyá wa ní ẹnì kan tó tóótun: ọkùnrin tó ń ta ọ̀rá àti abọ́ ike fún un láwìn £300, òun náà sì ti ń san owó rẹ̀ fún ọkùnrin náà déédéé fún ọdún kan. Ó yẹ kó kọ́kọ́ pè é. Mo mọ bí irú ìpè bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń rí.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ fi orúkọ yín ṣe ẹlẹ́rìí.”

“Ah, àbúrò mi, ṣé kì í ṣe èmi ni wọ́n máa mú tí o ò bá sanwó?”

Rárá o. Ẹ̀rí lásán ni Ẹ̀gbọ́n ń jẹ́, kò jẹ gbèsè fún ẹnikẹ́ni. Kó ṣáà sọ òtítọ́, kó sì dáhùn kíá, torí ẹlẹ́rìí tí kò dáhùn ló ń dá ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù dúró. Ní ti ẹlẹ́rìí kejì, bí kò bá ní in, kó bẹ ọ̀kan nínú àwọn tó ń fowó ọwọ́ rajà lọ́wọ́ wọn pé kí wọ́n fún un ní àwìn £200 fún oṣù mélòó kan. Ó sàn kó dúró dè é ju kó kọ orúkọ ọ̀rẹ́ lọ.

Onígbọ̀wọ́ gan-an wà nísàlẹ̀ ojú ewé tó kẹ́yìn, nínú lẹ́tà wínníwínní, níbi tí ojú ti rẹ̀ wá. Ìyá wa ti forúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ilé iṣẹ́ tó dá dúró, tó fi jẹ́ pé bí ilé iṣẹ́ náà bá wọko gbèsè, òfin kò ní fọwọ́ kan ilé tó ń gbé. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan lè wà níbẹ̀ tó sọ pé ẹni tó bá buwọ́ lu fọ́ọ̀mù yìí ń dúró fún gbogbo gbèsè ilé iṣẹ́ náà. Ó fọwọ́ sí i, odi tó mọ yí ilé rẹ̀ ká ti wó. Láti ọdún 1677 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti sọ pé ìgbọ̀wọ́ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ àfi tó bá wà lákọsílẹ̀ tí onígbọ̀wọ́ sì buwọ́ lù ú, òfin náà ṣì ń ṣiṣẹ́ dòní. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi í sínú fọ́ọ̀mù.

Ó lè bẹ ọlọ́jà pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Àwọn kan á gbà, pàápàá bí gbèsè tó ń béèrè kò bá pọ̀. Bí wọn kò bá gbà, kó ní kí wọ́n kọ £6,000 sí i gẹ́gẹ́ bí òpin ohun tí òun ń dúró fún, kí wọ́n sì buwọ́ lu àyípadà náà. Tó bá ta ṣọ́ọ̀bù náà lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ìgbọ̀wọ́ náà lè ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ bí ẹni tó rà á bá ń bá ilé iṣẹ́ kan náà lọ tó sì ń kó ọjà lórí àkáǹtì yẹn. Ó gbọ́dọ̀ kọ lẹ́tà sí ọlọ́jà pé òun yọ ara òun kúrò, kó sì gba èsì rẹ̀ kó tó kó kọ́kọ́rọ́ lé ẹni náà lọ́wọ́.