Owó kòkó tẹ́ ẹ fi sí bánkì lónìí, èló ló máa dà lẹ́yìn ọdún márùn-ún?

Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, iye owó tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá dọ́là 10,000 lọ́jà àgbáyé fún ìgbà àkọ́kọ́. Àwọn àgbẹ̀ wa ní Ìdànrè kò ní tètè gbàgbé ọdún yẹn. Ẹni tó kọ́lé kọ́lé, ẹni tó ra ọ̀kadà ra ọ̀kadà. Àmọ́ kí ọdún 2025 tó parí, iye yẹn ti já wálẹ̀ ju ìdajì lọ láti ibi tó ga dé. Ẹni tó bá ṣẹ́ nǹkan kù nínú owó ọdún tó dáa yẹn á fẹ́ mọ̀ pé: bí mo bá gbé e sí bánkì, tí mi ò fọwọ́ kàn án fún ọdún mélòó kan, èló ni màá bá níbẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká fi àgbẹ̀ kan ní Aládé ṣe àpẹẹrẹ. A ò ní ẹnì kan pàtó lọ́kàn o. Ó ní ₦500,000 tó fẹ́ tì mọ́lẹ̀ ní bánkì, kí ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ JSS 2 lè fi wọ yunifásítì lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Ká ní bánkì gbà láti máa fún un ní náírà 12 lórí ọgọ́rùn-ún náírà lọ́dọọdún. ₦500,000 yẹn ni ojú owó, ohun tí bánkì bá fi lé e ni èlé.

Lópin ọdún kìíní, èlé orí ₦500,000 jẹ́ ₦60,000. Owó náà di ₦560,000. Ibí yìí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Bí wọ́n bá fi èlé náà sílẹ̀ lórí ojú owó, kì í ṣe ₦500,000 ni bánkì máa fi ṣírò èlé ọdún kejì mọ́, ₦560,000 ni. Èlé ọdún kejì á wá jẹ́ ₦67,200, owó á di ₦627,200. Lọ́dún kẹta, ó di ₦702,464. Lọ́dún kẹrin, ó lé díẹ̀ ní ₦786,759. Lópin ọdún karùn-ún, ó di ₦881,170 àti kọ́bọ̀ díẹ̀. Ó dà bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn 667 orí Òkè Ìdànrè: ibi tó bá ti sinmi náà ló ti máa ń tẹ̀síwájú, kì í padà sí ìsàlẹ̀ òkè lọ bẹ̀rẹ̀. Èlé lórí èlé nìyẹn.

Kì í ṣe dandan kéèyàn máa ṣírò rẹ̀ lọ́dún kọ̀ọ̀kan bẹ́ẹ̀. Ẹ wò ó, lọ́dọọdún, náírà 100 ń di náírà 112, ìyẹn ni pé náírà kan ń di náírà kan àti kọ́bọ̀ 12. Nọ́ńbà yẹn, 1.12, la máa fi sọ owó náà di púpọ̀, lẹ́ẹ̀kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan. Ọdún márùn-ún, ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Lórí ẹ̀rọ ìṣirò inú fóònù, ohun tẹ́ ẹ máa tẹ̀ rèé:

```
500000 × 1.12 × 1.12 × 1.12 × 1.12 × 1.12
```

Bí fóònù yín bá ní àmì ^, ẹ lè gé e kúrú báyìí:

```
500000 × 1.12 ^ 5
```

Bó bá jẹ́ náírà 9 lórí ọgọ́rùn-ún ni bánkì ń fún yín, 1.09 lẹ máa lò. Bó bá jẹ́ ọdún mẹ́jọ, ẹ fi 8 rọ́pò 5.

Àṣìṣe tí mo rí tó wọ́pọ̀ jù ni kéèyàn sọ 1.12 di ìlọ́po márùn-ún, kó wá rí 5.6, kó sì fi ìyẹn ṣírò owó rẹ̀. Fóònù á sọ fún un pé ₦500,000 ti di ₦2,800,000! Ọ̀nà kan wà tẹ́ ẹ lè fi mọ̀ bóyá ìdáhùn yín mọ́gbọ́n dání. Ẹ kọ́kọ́ ṣe bí ẹni pé èlé kò bímọ: ₦60,000 lọ́nà márùn-ún, ₦300,000, ẹ fi lé ojú owó, ó di ₦800,000. Ìdáhùn gidi gbọ́dọ̀ lé díẹ̀ sí ìyẹn. Bó bá kéré sí i, tàbí ó fi ìlọ́po jù ú lọ, ẹ tún un tẹ̀.

Ohun tó ń gba ₦81,170 tó wà láàárín ₦800,000 àti ₦881,170 lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ni fọ́ọ̀mù bánkì. Owó àtìmọ́lẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní fíkísì dìpọ́síìtì, kì í sábà ju ọdún kan lọ níbí. Bí ọdún bá pé, bánkì á tún un bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun tẹ́ ẹ bá buwọ́ lù. Bí fọ́ọ̀mù bá sọ pé ojú owó nìkan ni kí wọ́n tún tì, èlé á bọ́ sínú àkáǹtì tẹ́ ẹ fi ń náwó, ẹ ó sì ti ná an kẹ́ ẹ tó mọ̀. Ẹ sọ fún wọn pé ojú owó àti èlé rẹ̀ ni kí wọ́n jọ tì. Ẹ tún béèrè iye èlé tuntun, torí ti ọdún tó kọjá kì í ṣe àdéhùn fún ọdún tó ń bọ̀. Bó bá di náírà 9 lọ́dún kẹta, 1.09 lẹ máa lò fún ọdún yẹn nìkan.

Owó orí náà wà ńbẹ̀. Bánkì máa ń yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá èlé fún ìjọba. Nínú náírà 12, náírà kan àti ogún kọ́bọ̀ lọ nìyẹn, ó ku náírà 10 àti 80 kọ́bọ̀. Nọ́ńbà àgbẹ̀ wa kì í ṣe 1.12 mọ́, ó ti di 1.108. Bó bá lò ó lẹ́ẹ̀marùn-ún, ohun tó máa bá ní bánkì jẹ́ nǹkan bíi ₦834,966.

Ṣé ìyẹn á tó owó ilé ìwé? Ọjà náà ń gbówó lérí bíi ti èlé, ọ̀nà kan náà la sì ń gbà ṣírò rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2024, NBS, àjọ ìṣirò ìjọba àpapọ̀, sọ pé ọjà fi ìdá 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún wọ́n ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Ká má tiẹ̀ lo ìyẹn. Ká ní ìdá 15 péré ni yóò máa fi wọ́n lọ́dọọdún. Ohun tó jẹ́ ₦500,000 lónìí yóò di:

```
500000 × 1.15 ^ 5
```

Ìdáhùn rẹ̀ lé ní ₦1,005,000. Owó àgbẹ̀ wa ti pọ̀ sí i lóòótọ́, àmọ́ ó fi bíi ₦170,000 dín sí ohun tó fẹ́ rà.

Láti mọ iye tó yẹ kó tì mọ́lẹ̀ lónìí, á yí ìṣirò náà padà: á mú ₦1,005,679, á fi 1.108 pín in lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ohun tó máa rí jẹ́ nǹkan bíi ₦602,000. Bí ₦500,000 bá ṣì ni gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, á jẹ́ pé kó tètè máa wá ₦102,000 sí i nínú kòkó ọdún yìí, torí bó bá di ọdún kẹta kó tó rí i, iye náà kò ní tó mọ́.