Ta ni “wọ́n”? Bí a ṣe ń kọ ìbéèrè àti ọ̀rọ̀ atọ́kùn fún ìtàn ère Èsìẹ́ lórí rédíò

Nínú dókúmẹ́ńtárì rédíò lédè Yorùbá, kò sí ọ̀rọ̀ kékeré tó ń fa ìdàrúdàpọ̀ bíi “wọ́n”. Bí àgbàlagbà kan bá sọ pé “wọ́n gbé e kúrò níbẹ̀”, ó lè jẹ́ ọba kan ṣoṣo ló ń bọ̀wọ̀ fún. Ó lè jẹ́ ogún èèyàn. Ó sì lè máà ní ẹnì kankan lọ́kàn rárá, pé wọ́n ṣáà gbé e ni. Akọ̀ròyìn tó jókòó tì í mọ èyí tó jẹ́, nítorí ó rí ojú rẹ̀, ó rí ibi tó nawọ́ sí, òun fúnra rẹ̀ ló sì bi í ní ìbéèrè. Ẹni tó ń gbọ́ ọ nínú mọ́tò láti Òmù-Àrán sí Ìlọrin kò rí nǹkan kan nínú èyí. Wọ́n ti gé ìbéèrè náà sọnù, ohùn bàbá nìkan ló kù.

Ohun mẹ́ta ló wà nínú irú ètò bẹ́ẹ̀: ohùn àwọn tí a fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, ariwo ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀, àti ọ̀rọ̀ atọ́kùn tó ń so wọ́n pọ̀. Àwọn kan ti ṣe é láìsí atọ́kùn. Ní 1958, Charles Parker, Ewan MacColl àti Peggy Seeger ṣe ètò kan fún Bíbísì nípa John Axon, awakọ̀ rélùwéè tó kú sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún tó ṣáájú. Ohùn àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè fúnra wọn ni wọ́n fi sọ ọ́, kò sí atọ́kùn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n MacColl kọ orin tuntun tó ń ṣe iṣẹ́ atọ́kùn náà. Ẹni tí kò bá ní akọrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó yáa mú bírò.

Ẹ jẹ́ ká mú ère Èsìẹ́ ṣe àpẹẹrẹ, nítorí kò jìnnà sí Òmù-Àrán, ìtàn rẹ̀ sì le ní sísọ. Ère òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ni, òkúta rírọ̀ tí wọ́n ń pè ní òkúta ọṣẹ ni wọ́n fi gbẹ́ wọn. Àwọn kan jókòó, àwọn kan mú ohun ìjà lọ́wọ́, irun àwọn mìíràn dára ju irun òde òní lọ. Ní 1933, H. G. Ramshaw, alábòójútó ilé ẹ̀kọ́ fún ìjọ Síémúẹ́sì, kọ ìròyìn nípa wọn tí àwọn ará ìta fi mọ̀ pé wọ́n wà. Ní 1945 ni wọ́n dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ níbẹ̀, èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ìtàn ìlú sọ pé àlejò tó di òkúta ni wọ́n. Àwọn awalẹ̀pìtàn sọ pé èèyàn ló gbẹ́ wọn, ṣùgbọ́n wọn kò tíì fẹnu kò lórí irú èèyàn tó jẹ́. Ká ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá la ní láti sọ gbogbo èyí, tí a sì ti rí bàbá kan ní Èsìẹ́ tó gbà láti bá wa sọ̀rọ̀.

Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ akọ̀ròyìn máa kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ ni: “Bàbá, ṣé lóòótọ́ ni pé àlejò ni àwọn ère yìí, tí wọ́n wá di òkúta?” Bàbá á ní, “Bẹ́ẹ̀ ni.” Ètò ti parí nìyẹn. Gbogbo ohun tó yẹ kí bàbá sọ ni akọ̀ròyìn ti sọ tán, kò sì sí ohun tí a lè gé jáde nínú “bẹ́ẹ̀ ni”. Ewu kejì tún wà níbẹ̀. Àgbàlagbà tó mọ ọmọlúàbí kì í fẹ́ já àlejò rẹ̀ ní koro. Bí ìtàn tí òun gbọ́ bá tilẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí tí a kà fún un, ó ṣeé ṣe kó fara mọ́ tiwa. Èyí tí a bá fi “ṣé” tàbí “ǹjẹ́” bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rí tí a fúnra wa gbìn la ó ká.

Ẹ wo èyí: “Bàbá, ta ló kọ́kọ́ sọ ìtàn àwọn ère yìí fún yín?” Ẹ dákẹ́ kó dáhùn. Lẹ́yìn náà: “Níbo lẹ jókòó sí lọ́jọ́ náà?” Lẹ́yìn náà: “Báwo ni wọ́n ṣe sọ ọ́ fún yín?” Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ká máa bi í, nítorí ẹni tí a bi ní ìbéèrè mẹ́ta pọ̀ yóò dáhùn èyí tó gbọ́ kẹ́yìn. Ìbéèrè kejì dà bí ohun tí kò já mọ́ nǹkan, ṣùgbọ́n òun ló ń mú àwòrán wá. Bàbá lè sọ pé abẹ́ igi kan ni, tàbí ẹ̀yìn ààrò, tàbí lójú ọ̀nà oko. Ẹni tó ń gbọ́ rédíò á wá rí ibi tí ó lè fi ojú inú rẹ̀ sí. Èkíní sì ti yanjú “wọ́n” kan fún wa, torí bàbá á dárúkọ ẹni tó sọ ọ́.

Nítorí pé a ó gé ohùn wa kúrò, ìdáhùn gbọ́dọ̀ lè dá dúró. Àwọn tó kọ́ iṣẹ́ yìí lédè Gẹ̀ẹ́sì máa ń ní kí èèyàn tún ìbéèrè sọ kó tó dáhùn. Ta ló máa sọ bẹ́ẹ̀ fún bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún? Ohun tó rọrùn jù ni ká sọ kí a tó tan rẹ́kọ́dà pé: “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ bí ẹni ń sọ fún ọmọ-ọmọ yín tí wọ́n bí sí ìlú òyìnbó, tí kò dé Èsìẹ́ rí.” Fúnra rẹ̀ ni yóò máa dárúkọ ohun tó ń sọ.

Ọ̀ràn ẹnu tiwa náà ńkọ́? Bí àgbà bá ń sọ̀rọ̀, ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ á máa wí pé “ẹn… ẹn… hẹ̀n-ẹ́n”. Mo ti ba ọ̀rọ̀ ìyá kan jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí: ohùn mi wà lórí gbogbo òpin gbólóhùn rẹ̀, kò sí ibi tí mo lè gé. Bí a bá sì kàn dákẹ́ lójijì, á dà bíi pé a kò ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí. Nítorí náà ká kọ́kọ́ ṣàlàyé fún un pé orí ni a ó máa mì, pé máíkù ló fà á. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá parí, ká gba ìṣẹ́jú kan sílẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti sọ̀rọ̀, kìkì atẹ́gùn, ẹyẹ àti adìyẹ ibẹ̀. Orí rẹ̀ ni a ó fi ọ̀rọ̀ atọ́kùn lé, kí ibi tí a gé má baà hàn.

Ó kan kíkọ ọ̀rọ̀ atọ́kùn báyìí. Ká ní ohun tí bàbá sọ rèé (èmi ni mo hun ún, fún àpẹẹrẹ): “Wọ́n ní àlejò ni wọ́n. Wọ́n wá kí ọba ni, wọn ò sì padà mọ́.” “Wọ́n” àkọ́kọ́ jẹ́ àwọn àgbà tó sọ ìtàn, àwọn yòókù jẹ́ àwọn ère. Atọ́kùn tí kò ronú á kọ pé: “Bàbá náà ṣàlàyé pé àwọn ère náà jẹ́ àlejò tó wá kí ọba.” Bàbá á wá sọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á ti di àjẹkù. Èmi á kọ ọ́ báyìí:

“Ère tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ló wà ní Èsìẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tó tọ́ bàbá yìí dàgbà kò pè wọ́n ní ère.”

Níbẹ̀ ni ohùn bàbá á ti wọlé. Olùgbọ́ ti mọ àwọn tó ń sọ̀rọ̀, ó ti mọ ohun tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, ó sì ti ń béèrè nínú ara rẹ̀ pé kí ni wọ́n wá ń pè wọ́n? Bàbá ló máa dá a lóhùn. Ìbéèrè tí a gé sọnù ti padà wá sínú ọ̀rọ̀ atọ́kùn, ṣùgbọ́n olùgbọ́ ló ń bi í báyìí.

Ọdún àti nọ́ńbà máa ń le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lójú ìwé, 1933 àti 1945 kò gba àyè. Lẹ́nu, ẹ gbìyànjú ẹ ka méjèèjì ní Yorùbá nínú gbólóhùn kan, kí ẹ sì wò bóyá ẹnikẹ́ni á rántí èyí tó ṣáájú. Ẹ dárúkọ ọ̀kan, kí ẹ sì fi bó ṣe jìnnà sí i sọ èkejì: “Ọdún méjìlá lẹ́yìn tí Ramshaw kọ ìròyìn rẹ̀, wọ́n dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ fún àwọn ère náà.” Ẹ kà á sókè pẹ̀lú aago lọ́wọ́. Èyí tó bá ju ogún ìṣẹ́jú àáyá lọ, mo máa ń pín in sí méjì, kí n fi ohùn èèyàn sáàárín.

Ibi tó gba ọgbọ́n jù ni ibi tí bàbá àti awalẹ̀pìtàn ti pàdé. Awalẹ̀pìtàn á sọ pé àwọn ère náà ti wà láti nǹkan bí ọdún 1100. Kí a tó gbà á sílẹ̀, ẹ bi í pé: “Kí ni ẹ yẹ̀ wò gan-an tí ẹ fi mọ̀?” Ìdáhùn rẹ̀ á yí ọ̀rọ̀ atọ́kùn yín padà, torí kì í ṣe òkúta ni wọ́n yẹ̀ wò. Amọ̀ sísun tí wọ́n bá níbi tí àwọn ère wà ni. Ọ̀nà tí wọ́n lò ń ṣírò ìgbà tí iná kan amọ̀ kẹ́yìn. Òkúta tí wọ́n kàn fi irin gbẹ́ kò ní irú àmì bẹ́ẹ̀ lára. Bí atọ́kùn bá kọ pé “ní 1100 ni wọ́n gbẹ́ àwọn ère náà”, ó ti sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀n. Bó bá sì kọ pé “ṣùgbọ́n òótọ́ ibẹ̀ ni pé”, ó ti sọ bàbá di òpùrọ́ nílé ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ “wọ́n ní” tí bàbá fi ṣíde ọ̀rọ̀ ti jẹ́wọ́ pé gbígbọ́ ni òun gbọ́ ọ. Èyí tí mo máa fi síbẹ̀ kúrú: “Ìtàn ni bàbá fi ń ka ọdún. Amọ̀ ni ẹlòmíì fi ń kà á.”

Èdè ìbílẹ̀ Ìgbómìnà náà wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ará Èkó kò ní gbọ́ lẹ́nu bàbá, ẹ má ṣe fi ohùn yín bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ lo ọ̀rọ̀ náà nínú ọ̀rọ̀ atọ́kùn pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀, kí bàbá tó sọ ọ́, bí ẹni ń fi àlejò mọ ẹni tó máa wọlé.

Tí a bá ti to gbogbo rẹ̀ tán, mo máa ń pe ẹnì kan tí kò mọ Èsìẹ́ rárá. Mo máa ń ní kó dijú, kó na ọwọ́ sókè níbikíbi tí kò bá ti mọ ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo máa ń padà lọ kọ gbólóhùn kan sí. Ibi tí ọwọ́ kò bá ti gòkè, tí ọ̀rọ̀ atọ́kùn sì wà níbẹ̀, mo máa ń yọ ọ́ kúrò.