Àpò Ìtọ̀ Ni àbí Ọ̀nà Ọ̀fun?

Epitílíọ́ọ̀mù ni ìpele sẹ́ẹ̀lì tó bo ojú ẹ̀yà ara, níta àti nínú. Lábẹ́ maikirosíkóòpù, ti àpò ìtọ̀ àti ti ọ̀nà ọ̀fun tí oúnjẹ ń gbà kọjá tètè máa ń jọra lójú akẹ́kọ̀ọ́, nítorí ìpele méjèèjì ju ẹyọ kan lọ, sẹ́ẹ̀lì ìsàlẹ̀ wọn sì kéré. Òkè pátápátá, lẹ́bàá àlàfo, ló yẹ kí ojú kọ́kọ́ lọ.

Ní ọ̀nà ọ̀fun, bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń gòkè ló ń tẹ́ pẹrẹsẹ, títí kan kókó inú rẹ̀. Oúnjẹ ń ha àwọn tòkè kúrò, tìsàlẹ̀ sì ń rọ́pò wọn. Ní àpò ìtọ̀ tó ṣófo, sẹ́ẹ̀lì òkè tóbi, ó yọ rọ̀bọ̀tọ̀ sínú àlàfo, òmíràn sì ní kókó méjì.

Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé ni àpò tó kún nígbà tí wọ́n gé e: sẹ́ẹ̀lì òkè rẹ̀ náà á tẹ́, ìpele á sì dà bíi pé ó dín. Kí a wá sẹ́ẹ̀lì olókòó méjì, kí a sì wo iṣan ìsàlẹ̀. Ti àpò ìtọ̀ nípọn, ó wà ní ìdìdì, ó sì dorí kọ ibi gbogbo.